Bàbà Inú Wáyà Ni Kí Ẹ Wò, Ẹ Má Wo Rọ́bà

Mo fọwọ́ kan wáyà ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n nílé aládùúgbò mi lọ́jọ́ kan, kíá ni mo fà á padà. Kẹ́tù àti áyọ́ọ̀nù ni wọ́n jọ kì bọ̀ ọ́. Wọ́n ká èyí tó gùn jù nínú wáyà náà jọ sábẹ́ rọ́ọ̀gì, kó má baà gbé ọmọ ṣubú. Ìyá ọmọ ní, "Bọ̀dá, ó mà nípọn o!" Rọ́bà ló nípọn lóòótọ́, àmọ́ 0.75 mm² ni wọ́n kọ sí i lára. Bàbà inú rẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn ń wọ̀n.

Ẹ wò ó bí ìṣirò rẹ̀ ti rí. Kẹ́tù rẹ̀ jẹ́ wáàtì 2000, áyọ́ọ̀nù jẹ́ 1200. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 3200. Ẹ fi fóólìtì 230 pín in, ẹ ó rí bí ámpíà 14. Ámpíà 6 péré ni wáyà 0.75 lè gbé. Bí iná tó ń gba inú wáyà bá sì di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni gbígbóná rẹ̀ ń dà. Ti wáyà yìí ti ju ìlọ́po márùn-ún lọ, rọ́ọ̀gì sì tún bò ó mọ́lẹ̀. Fíúsì 13 tó wà nínú pulọ́ọ̀gì kò ní tètè jó fún ámpíà 14, nítorí náà kò lè gba wáyà sílẹ̀.

Ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n tí wọn yóò fi se omi gbọ́dọ̀ jẹ́ 1.5, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀ tán pátá kí wọ́n tó tan iná sí i. Síbẹ̀, kẹ́tù àti áyọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí rẹ̀, torí pulọ́ọ̀gì kan ṣoṣo, ámpíà 13, ló ń bọ́ méjèèjì.

Nínú ògiri, 1.5 ni àwọn oníṣẹ́ iná máa ń lò fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún ẹ̀rọ amúlétutù. Wáyà inú páìpù yìí le gan-an. Ẹ má fi ṣe ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n, àkáká ni yóò fi kán. Ti ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n ni èyí tí okùn bàbà wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ti ohun tí wọ́n fi bò ó, rọ́bà PVC tó wọ́pọ̀ kò fara da ju 70°C lọ, oòrùn sì máa ń mú kó sán. Bí ẹ bá fẹ́ gbé wáyà jáde síta, rọ́bà dúdú tó rọ̀ tó sì nípọn ni kí ẹ béèrè.

Ayédèrú ńkọ́? Ẹ fi bíléèdì ha okùn kan. Bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni; kò lè gbé iná tó bàbà gidi. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n aládùúgbò mi ti wà ní ààtàn. Kẹ́tù rẹ̀ ti padà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri.