Oòrùn Ibo Ló Wà Nínú Àwòrán Ilé Ìdáná Yín?

Agbaṣẹ́ṣe tó fẹ́ tún ilé ìdáná ṣe ní Támálè, ní àríwá Gánà, lè fi kọ̀ǹpútà yàwòrán bí yóò ṣe rí, kó so ó mọ́ ìwé iye owó. Kọ́bọ́ọ̀dù á máa dán, òkúta gíránáìtì á máa tàn. Ẹ má tíì fọwọ́ sí i.

Ayàwòrán ní láti sọ ìlú, oṣù àti wákàtí fún kọ̀ǹpútà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oòrùn ìlú mìíràn ni yóò tàn nínú àwòrán. Ká ní fèrèsé yín kọjú sí àríwá. Ní Yúróòpù, oòrùn ọ̀sán kì í gba ibẹ̀ wọlé. Ní Támálè, láti oṣù karùn-ún dé oṣù keje, apá àríwá gan-an ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Bí òrùlé kò bá nà jáde tó, yóò bọ́ sórí òkúta dúdú tó wà lábẹ́ fèrèsé, yóò sì máa ta yín lójú bí ẹ ṣe ń gé àlùbọ́sà. Ní oṣù kejìlá, ó ti padà sí gúúsù.

Alẹ́ tún yàtọ̀. Gílóòbù tí wọ́n kọ 6500K sí lára páálí rẹ̀ ń tàn funfun bíi búlúù. Ti 3000K pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí iná àtùpà. Kọ́bọ́ọ̀dù kan náà á dà bíi méjì lábẹ́ wọn.

Nítorí náà, ẹ ní kí ó ya méjì: ọ̀sán oṣù kẹfà, àti alẹ́ pẹ̀lú gílóòbù tí ẹ máa rà. Ẹ wá gbé àpẹẹrẹ òkúta náà sábẹ́ gílóòbù yẹn. Bí kò bá jọ àwòrán, òkúta ọwọ́ yín ni kó kọ sínú àdéhùn.