Bàtà £120, Ṣọ́ọ̀bù Gba £114.90

Ẹni tó bá ń ra aṣọ tàbí bàtà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò ti rí i pé nígbà tí òun bá dé ibi ìsanwó, àwọn orúkọ kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tẹ nọ́ńbà káàdì: Klarna, Clearpay, PayPal. Wọ́n á ní kó gbé ọjà lọ ná, kó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìsí èlé kankan. Ọ̀pọ̀ èèyàn á tẹ̀ ẹ́ láìbéèrè ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè: bí oníbàárà kò bá san èlé, kí ni ẹni tó yá a lówó ń jẹ? Ara owó ṣọ́ọ̀bù ló ti ń jẹ. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ wa kì í rí.

Ẹ jẹ́ ká mú Clearpay, torí ọ̀nà tirẹ̀ kò ṣòro láti tẹ̀ lé. Afterpay ni orúkọ rẹ̀ ní Ọsirélíà, níbi tí Nick Molnar àti Anthony Eisen ti dá a sílẹ̀ ní Sydney lọ́dún 2014. Láti ọdún 2022, ilé iṣẹ́ Block ti Amẹ́ríkà ló ni ín. Ọ̀nà mẹ́rin tó dọ́gba ni wọ́n ń pín owó ọjà sí. Ìdá kìíní á jáde lára káàdì oníbàárà lọ́jọ́ tó ra ọjà, mẹ́ta yòókù á máa jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tí gbogbo rẹ̀ á fi parí lọ́sẹ̀ mẹ́fà.

Ká ní obìnrin kan ní Peckham ń ta bàtà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí oníbàárà kan sì mú bàtà £120. Bí ó bá ti tẹ orúkọ Clearpay, ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù á fi iye owó náà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ọ̀hún. Àwọn ni yóò wò ó bóyá ẹni náà ṣe é yá lówó: ṣé ó ti rà á rí, ṣé ó san án lásìkò, èló ló ṣì jẹ wọ́n. Ẹni tuntun kì í rí owó ńlá gbà. Ìdáhùn á dé kí oníbàárà tó ṣẹ́jú mélòó kan. Bí wọ́n bá gbà, £30 á jáde lára káàdì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa yọ £30 mìíràn fúnra wọn nígbà mẹ́ta sí i. Ṣọ́ọ̀bù á wá rí i pé wọ́n ti fọwọ́ sí ọjà náà, á sì dì í ránṣẹ́.

Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń gbé aṣọ káàkiri láyé àtijọ́ náà ń ta àwìn, ṣùgbọ́n ọrùn tiwọn ni gbèsè náà ń wà. Bí oníbàárà bá sá, owó wọn ló bá a lọ. Ti obìnrin Peckham yìí yàtọ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ilé iṣẹ́ náà á san owó bàtà fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe ní ìdá mẹ́rin. Bí oníbàárà bá kọ̀ tí kò san ìyókù, ọ̀ràn náà kò kàn án mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe £120 ni yóò gbà. Iye tí wọ́n ń yọ yàtọ̀ láti àdéhùn sí àdéhùn. Ká ní ti obìnrin yìí jẹ́ ìdá 4 nínú 100, pẹ̀lú 30p lórí ọjà kọ̀ọ̀kan. £4.80 àti 30p jẹ́ £5.10, nítorí náà £114.90 ló máa wọ báńkì rẹ̀. Ká ní káàdì lásán ń gba ìdá 1.5 nínú 100 àti 20p, £2 péré ni ì bá lọ.

£5.10 lè dà bí owó kékeré lójú ẹni tó ń wo £120. Kì í ṣe £120 ló yẹ ká wò. Nínú £120 yẹn, £20 jẹ́ owó orí ọjà, ìyẹn VAT, ti ìjọba; kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù rárá, síbẹ̀ wọ́n ń gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó ku £100. Bí obìnrin náà bá ra bàtà yìí ní £65, £35 ló kù sí i lọ́wọ́, kó tó san owó ìfiránṣẹ́ àti owó ilé. £5.10 nínú £35 jẹ́ bí ìdá kan nínú méje. Ká sọ pé ọjà tí a rà ní £90 ni, bí ẹ̀rọ kékeré kan, èrè £10 ló wà lórí rẹ̀, owó iṣẹ́ yẹn á sì gbé ìdajì lọ. Ohun tó mú kí èyí wọ́pọ̀ nídìí aṣọ, bàtà àti ọ̀ṣọ́ nìyẹn, ju nídìí ọjà tí èrè rẹ̀ fẹ́lẹ́ lọ.

Ṣé ó wá pé obìnrin wa? Ẹni tí ì bá fi káàdì sanwó, tó wá yà sọ́dọ̀ Clearpay, fi £3.10 dín èrè kù. Ẹni tí kì bá rà rárá, ṣùgbọ́n tó rà torí pé ó lè san án díẹ̀díẹ̀, mú £29.90 wá. Nínú oníbàárà mẹ́wàá tó tẹ̀ ẹ́, bí ẹnì kan ṣoṣo bá jẹ́ tuntun bẹ́ẹ̀, mẹ́sàn-án yòókù jẹ́ kó pàdánù £27.90, ẹnì kan náà sì fi £29.90 dí i. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀. Bí kò bá tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá, òfò ni. Iye èèyàn tó tẹ orúkọ Clearpay kò lè sọ èyí fún un; àpapọ̀ ọjà tó ń tà lóṣù, kó tó gbà á àti lẹ́yìn tó gbà á, ló yẹ kó fi wéra.

Ilé iṣẹ́ náà kò jókòó lásán o. Lọ́jọ́ ọjà, wọ́n san £114.90, wọ́n sì gba £30 lọ́wọ́ oníbàárà, èyí já sí pé £84.90 ló jáde lápò wọn. Lọ́sẹ̀ mẹ́fà, £90 á padà wọlé. Èrè £5.10 ni, ṣùgbọ́n owó náà tètè ń yí, wọ́n lè tún un yá fún ẹlòmíràn léraléra nínú ọdún. Bí oníbàárà kan bá san £30 àkọ́kọ́ tó sì pòórá, wọ́n nílò bí ọjà mẹ́tàdínlógún tó lọ dáadáa kí wọ́n tó rí £84.90 yẹn padà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń gba ìdá kìíní lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́, tí wọn kò sì ní jẹ́ kó ra òmíràn títí yóò fi san.

Ibi tí nǹkan ti sábà ń dàrú ni ọjà tí wọ́n dá padà. Ká ní bàtà náà kò wọ ẹsẹ̀ oníbàárà. Bí obìnrin náà bá fún un ní £120 lọ́wọ́ tàbí nínú báńkì, Clearpay kò mọ̀, wọ́n á ṣì máa yọ £30 lára káàdì ẹni náà. Ojú ìwé Clearpay gan-an ló ti gbọ́dọ̀ dá a padà. Wọ́n á pa ìdá tó kù rẹ́, wọ́n á dá èyí tó ti san padà fún un, wọ́n á sì yọ ọ́ nínú owó tí wọ́n máa san fún ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ lé e. Kí ó ka àdéhùn rẹ̀ dáadáa kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, kó rí i bóyá owó iṣẹ́ náà ń padà pẹ̀lú ọjà.

Àṣìṣe kejì wà nínú ìwé ìṣírò. Owó tó wọ báńkì máa ń jẹ́ àpapọ̀ ọjà púpọ̀, tí wọ́n ti yọ owó iṣẹ́ àti ọjà tó padà kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà kò ní bá rìsíìtì kankan mu. Kó kọ bàtà náà sílẹ̀ bí £120 tó tà, kó sì kọ £5.10 sí ẹ̀gbẹ́ ìnáwó. Bí ó bá kọ £114.90 bí iye tó tà, owó orí ọjà tó máa ṣírò á jẹ́ £19.15 dípò £20, 85p ti ìjọba á sì dín lórí bàtà kan ṣoṣo.