Sinh àti cosh: láti inú nọ́ńbà e dé orí wáyà tó rọ̀ láàárín òpó méjì

Inú nọ́ńbà kan ṣoṣo ni fọ́ńṣọ̀n méjèèjì tí wọ́n ń kọ ní sinh àti cosh ti jáde. Nọ́ńbà náà ni e, tó fi díẹ̀ ju 2.718 lọ. Bí a bá gbé e sí agbára x, tí x sì ń tóbi sí i, iye tó ń jáde á máa ròkè kíákíá: ní agbára 1 ó jẹ́ 2.718, ní agbára 2 ó di 7.389, ní agbára 3 ó ti tó 20.086. Bí a bá fi àmì ìyọkúrò síwájú x, òdìkejì rẹ̀ là ń rí: ní agbára −1 ó jẹ́ 0.368, ní agbára −3 kò ju 0.050 lọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa sún mọ́ òdo láìdé ibẹ̀ láéláé. Ìdajì àròpọ̀ àwọn méjèèjì ni cosh, ìyẹn kosáìnì hàípábólíìkì. Ìdajì ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni sinh, ìyẹn sáìnì hàípábólíìkì:

```
cosh x = (e^x + e^-x) / 2
sinh x = (e^x - e^-x) / 2
```

Ẹ jẹ́ kí x jẹ́ 1. 2.71828 pẹ̀lú 0.36788 jẹ́ 3.08616, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 1.54308: cosh 1 nìyẹn. Bí a bá yọ 0.36788 kúrò nínú 2.71828, ó ku 2.35040, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 1.17520: sinh 1 nìyẹn. Bí a bá wá ro 1.54308 pọ̀ mọ́ 1.17520, e fúnra rẹ̀ la tún bá padà, nítorí pé ohun tí a pín sí méjì la dà pọ̀. Bí a bá yọ èkejì kúrò nínú èkíní, 0.36788 ló kù. Òtítọ́ kékeré yìí, pé cosh x àti sinh x tí a rò pọ̀ jẹ́ e^x, tí ìyàtọ̀ wọn sì jẹ́ e^-x, ni gbòǹgbò gbogbo ìdọ́gba tó ń bọ̀ níwájú.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti ya gíráàfù wọn ni pé kí a kọ́kọ́ ya ìlà e^x àti ìlà e^-x sórí bébà kan náà. Ọ̀kan ń gòkè lọ sí apá ọ̀tún, èkejì ń gòkè lọ sí apá òsì, wọ́n sì pàdé níbi tí x ti jẹ́ òdo, ní gíga 1. Lẹ́yìn náà, kí a mú x kan, kí a wo ibi tí ìlà méjèèjì wà lókè rẹ̀, kí a sì fi àmì sí àárín gbùngbùn wọn. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún x mélòó kan, tí a sì so àwọn àmì náà pọ̀, cosh la yà yẹn. Ó fara jọ igbá tó dojú sókè: ìdí rẹ̀ wà ní gíga 1, apá òsì rẹ̀ sì bá apá ọ̀tún mu rẹ́gí, nítorí pé bí a bá yí àmì x padà, e^x àti e^-x kàn gba ipò ara wọn ni, àròpọ̀ wọn kò yí padà.

Sinh ni jíjìnnà tó wà láti àmì àárín yẹn dé orí ìlà e^x. Nígbà tí x bá jẹ́ òdo, kò sí jíjìnnà kankan, ìdí nìyẹn tí gíráàfù sinh fi gba ojú òdo kọjá. Ní apá ọ̀tún ó ń gòkè, ní apá òsì ó ń lọ sísàlẹ̀ òdo: sinh −1 jẹ́ −1.17520. Bí x ti ń tóbi, e^-x ń tán lọ, ìlà méjèèjì sì ń sún mọ́ ìdajì e^x. Nígbà tí x jẹ́ 3, cosh jẹ́ 10.068, sinh jẹ́ 10.018, ìyàtọ̀ wọn kò ju 0.050 lọ. Síbẹ̀ wọn kì í pàdé, cosh ló máa ń wà lókè títí láé.

Ẹni tó ti mọ sáìnì àti kosáìnì onígun mẹ́ta ní láti ṣọ́ra níhìn-ín. Àwọn wọ̀nyẹn ń lọ sókè sódò láàárín −1 àti 1 láìdáwọ́ dúró. Cosh kì í tún apẹẹrẹ ara rẹ̀ ṣe, kì í sì í wá sísàlẹ̀ 1 rárá. Sinh ní tirẹ̀ lè jẹ́ nọ́ńbà èyíkéyìí.

Kí ló wá mú kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ àwọn tí wọn kò fìwà jọ? Ìdáhùn wà nínú ìdọ́gba yìí:

```
cosh²x - sinh²x = 1
```

Ẹ̀rí rẹ̀ kò gùn. A ti rí i pé àròpọ̀ cosh x àti sinh x jẹ́ e^x, ìyàtọ̀ wọn sì jẹ́ e^-x. Bí a bá fi àròpọ̀ sọ ìyàtọ̀ di púpọ̀, apá òsì ìdọ́gba náà ló máa jáde. Ṣùgbọ́n e^x tí a fi sọ e^-x di púpọ̀, 1 ni. Ó parí. A lè fi nọ́ńbà wò ó: 1.54308 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 2.3811, 1.17520 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 1.3811, ó sì ku 1. Fún sáìnì àti kosáìnì lásán, àmì àròpọ̀ ló wà láàárín, ìdọ́gba náà sì jẹ́ ti òbírí. Nígbà tí àmì náà di ìyọkúrò, òbírí di ìlà tí wọ́n ń pè ní hàípábólà, tó ṣí sílẹ̀ tí kì í padà wá pàdé ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Ará Ítálì kan, Vincenzo Riccati, ló kọ́kọ́ gbé àwọn fọ́ńṣọ̀n wọ̀nyí jáde lọ́nà yìí ní 1757. Johann Lambert ló sì mú lílò wọn gbilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ìdọ́gba tó kù tọ ọ̀nà kan náà wá. Méjì tí wọ́n ń lò jù nìwọ̀nyí:

```
sinh 2x = 2 sinh x cosh x
cosh 2x = cosh²x + sinh²x
```

Bí x bá jẹ́ 1, ti ìsàlẹ̀ yìí sọ pé cosh 2 jẹ́ 2.3811 pẹ̀lú 1.3811, ìyẹn 3.7622, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Ní 1902 George Osborn tẹ òfin kan jáde tó mú kí gbogbo wọn rọrùn láti rántí: kí a mú ìdọ́gba sáìnì àti kosáìnì tí a ti mọ̀, kí a fi sinh àti cosh rọ́pò wọn, kí a sì yí àmì padà níbikíbi tí sáìnì méjì bá ti sọ ara wọn di púpọ̀.

Ibi tí ojú ti lè rí cosh ni ara wáyà tó rọ̀ láàárín òpó méjì. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1638, Galileo kọ ọ́ pé ẹ̀wọ̀n tí a so ní orí méjèèjì ń ya ìlà tó sún mọ́ parábólà. Ní 1690 Jakob Bernoulli pe àwọn onímọ̀ ìṣirò níjà pé kí wọ́n wá ìlà náà gan-an, nígbà tó sì di 1691 Leibniz, Huygens àti Johann, àbúrò Jakob, ti rí i. Kò sí ẹni tó tíì mọ orúkọ cosh nígbà náà. Ohun tí Leibniz ṣe ni pé ó mú ìlà tó ń gòkè bí e^x àti èkejì rẹ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀, ó sì fi àmì sí àárín wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti yà á lókè yìí.

Bí a bá jẹ́ kí a dúró fún iye mítà kan tó ń sọ bí wáyà náà ṣe le tó, tí x sì jẹ́ jíjìnnà sí àárín, gíga wáyà jẹ́ a cosh(x/a), gígùn rẹ̀ láti àárín dé ibẹ̀ sì jẹ́ a sinh(x/a). Ká ní òpó méjì fi 20 mítà jìnnà síra, tí a fẹ́ kí wáyà rọ̀ tó mítà 1 ní àárín. Nígbà tí u bá kéré, cosh u fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1 pẹ̀lú ìdajì u lọ́nà ara rẹ̀, èyí tí í ṣe parábólà. Òun ló mú kí Galileo sún mọ́ òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìṣirò yẹn fún a ní 50 mítà. Láti àárín dé orí òpó jẹ́ 10 mítà, nítorí náà x/a jẹ́ 0.2. Cosh 0.2 jẹ́ 1.02007: wáyà rọ̀ ní mítà 1.003, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Sinh 0.2 jẹ́ 0.20134, gbogbo gígùn wáyà sì jẹ́ 100 lọ́nà 0.20134, ìyẹn 20.13 mítà. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé sẹ̀ǹtímítà 13 péré tí a fi kún wáyà ló mú kó rọ̀ tó odindi mítà kan. Ìdí rèé tí oòrùn díẹ̀ tó mú wáyà gùn sí i fi ń jẹ́ kó rọ̀ tó ojú máa rí i.

Bí ẹni tó ń ṣirò bá tẹ sin dípò sinh lórí ẹ̀rọ tó wà ní rédíànì, yóò rí 0.19867, wáyà á sì di 19.87 mítà, tó kúrú ju àyè tó wà láàárín àwọn òpó lọ. Bí x bá ti ju òdo lọ, sinh x gbọ́dọ̀ ju x lọ. Bí kò bá jù ú lọ, àṣìṣe ti wà.

Ìdọ́gba òkè yẹn náà tún fara hàn nínú agbára tó ń fa wáyà yìí. Ká ní mítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ wúwo tó ìdajì kílò. Ní àárín, fífà náà jẹ́ ti ẹrù 25 kílò, ìyẹn ìdajì lọ́nà a. Orí òpó kan gbé ìwọ̀n ìdajì wáyà, bíi 5.03 kílò, èyí tó ti ara sinh wá. Fífà tó wà ní ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ òpó jẹ́ 25.50 kílò, èyí tó ti ara cosh wá. Bí a bá sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, tí a yọ ti ìwọ̀n kúrò nínú ti orí òpó, ti àárín ló máa kù, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́ta tó ní igun ọ̀tún ṣe ń bá ara wọn mu.

Gbogbo èyí dúró lórí pé wáyà náà rọ̀, kò yi, kò sì ru nǹkan mìíràn ju ara rẹ̀ lọ. Lórí afárá tí wọ́n fi okùn irin ńlá gbé ró, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wúwo ju okùn lọ fíìfíì, ìwọ̀n rẹ̀ sì tẹ́ dọ́gba láti òpó dé òpó. Okùn bẹ́ẹ̀ fi cosh sílẹ̀, parábólà tí Galileo sọ ló ń sún mọ́.