Iná Tí Wáyà Ń Jẹ Lọ́nà Kànga

Wáyà tó ń gbé iná láti ara páńẹ́lì sólà lọ sídìí pọ́ńpù inú kànga kì í gbé e dé láìjẹ nínú rẹ̀. Bàbà inú wáyà ń dènà iná díẹ̀. Bí wáyà bá ṣe gùn tó ni ìdènà náà ṣe ń pọ̀ tó. Bó bá sì ṣe nípọn tó ló ṣe ń dín kù. Agbára tí iná fi ń borí ìdènà yìí di ooru lásán, fóltéèjì tó sì máa dé ìdí pọ́ńpù á kéré sí èyí tó kúrò lára páńẹ́lì.

Ká ní pọ́ńpù kan ń lo áńpíà 10 lórí fóltì 72. Mítà 60 ni páńẹ́lì sí ẹnu kànga, pọ́ńpù sì wà ní mítà 40 nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná á ṣírò rẹ̀ sí mítà 100, wọn á sì gbàgbé pé iná tó lọ ní láti padà. Mítà 200 bàbà ló ń rìn. Bó bá jẹ́ wáyà onímílì 4, ìdènà rẹ̀ á tó ọ́ọ̀mù 0.86. Tí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po áńpíà 10, fóltì 8.6 ló ti lọ. Pọ́ńpù á rí nǹkan bíi fóltì 63. Wáàtì 86 nínú 720 ló ṣègbé, bí ìdá kan nínú mẹ́jọ.

Ohun tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ ni pé tí pọ́ńpù bá wà ní pípa, mítà á ka iye kan náà lókè àti nísàlẹ̀, nítorí iná tí kò rìn kò pàdánù ohunkóhun. Ìgbà tí pọ́ńpù bá ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kí a wọ̀n ọ́n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páńẹ́lì àti lẹ́nu kànga. Ọ̀sán gangan ló sì dára jù: tí áńpíà bá di ìlọ́po méjì, wáàtì tó ń ṣòfò á di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà ìwọ̀n òwúrọ̀ kùtùkùtù lè má fi nǹkan kan hàn. Lára àmì rẹ̀ ni pọ́ńpù tó ń gbéra, tí kọntiróólà ń pa á nítorí fóltì tó já, tó tún ń gbéra. Ó lè jẹ́ ojú ìsopọ̀ tí kò mú dáadáa náà ló fà á. Ìyẹn máa ń gbóná ju wáyà yòókù lọ.

Wáyà onímílì 10 á dín fóltì 8.6 yẹn kù sí bíi 3.4, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Èyí tó rọjú, tó jẹ́ aluminiọ́mù tí a fi bàbà bò lásán, ní ìdènà tó ju ti ojúlówó lọ dáadáa. Bí pọ́ńpù àti kọntiróólà bá jẹ́ irú èyí tó gba fóltì 144, ọ̀nà tó dín owó jù ni kí a so páńẹ́lì tẹ̀léra wọn. Áńpíà á di 5, wáyà onímílì 4 àkọ́kọ́ yẹn á sì jẹ wáàtì 21.5 péré.