Bí A Ṣe Ń To Àkọsílẹ̀ Egbò Ẹsẹ̀ Alátọ̀gbẹ Sórí Àtẹ Ọlọ́jọ́

Egbò àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń yọ alátọ̀gbẹ lẹ́nu lè gba oṣù púpọ̀ kó tó jinná, ọwọ́ tó ń wẹ̀ ẹ́ sì máa ń ju ẹyọ kan lọ. Nọ́ọ̀sì ń wẹ̀ ẹ́ ní ilé ìwòsàn, ọmọ tàbí ìyàwó ń wẹ̀ ẹ́ nílé. Kálukú ń kọ tirẹ̀ sílẹ̀: ọ̀kan sẹ́yìn káàdì, ọ̀kan sínú ìwé àjákọ, òmíràn sórí fóònù. Ohun tó sì wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kọ ni "a wẹ egbò, ó ti ń dára". Dókítà tó bá ka ogún irú rẹ̀ kò tíì mọ̀ bóyá egbò náà ń kéré sí i, bóyá ó ń fẹ̀, tàbí bóyá ojú kan ló dúró sí.

Àtẹ ni a fi ń yanjú èyí. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń dáhùn ìbéèrè kan náà: báwo ni egbò náà ṣe tóbi tó, kí ni ojú ń rí nínú rẹ̀, ṣé àmì pé kòkòrò àrùn ti wọ̀ ọ́ wà, kí ni a sì fi dì í. Bí egbò bá ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àtẹ tirẹ̀, nítorí ti gìgísẹ̀ lè máa jinná nígbà tí ti ọmọ ìka ń bàjẹ́. Kò pọn dandan kí a wọn egbò nígbàkigbà tí a bá wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, àfi bí nǹkan bá yí padà lójijì.

Lẹ́yìn tí a bá ti wẹ egbò tán ni a ń wọ̀n ọ́, kì í ṣe ṣáájú, torí pé ọyún àti ìdọ̀tí lè bo etí rẹ̀. Rúlà bébà tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan sọnù ló dára jù. Ibi tó gùn jù ni a ń wọ̀n fún gígùn, ibi tó fẹ̀ jù tó dábùú rẹ̀ ni a ń wọ̀n fún ìbú, sẹ̀ǹtímítà ni a sì fi ń kọ méjèèjì. Jíjìn rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì máa ń fi igi òwú tí kò ní kòkòrò wò. Bí igi náà bá kan ohun líle nísàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ egungun, kí a kọ ọ́, kí dókítà sì gbọ́ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹnì kan náà máa wọ̀n ọ́, torí pé ọwọ́ méjì kì í sábà fi rúlà lé ibi kan náà. Èyí ló fà á tí orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́ fi yẹ kó wà níbẹ̀.

Ní ti ìrísí, àwọ̀ ni ọ̀rọ̀. Ẹran pupa tó ń hù ni ẹran ìjinná. Ohun ìyeyè tó lẹ̀ mọ́ ojú egbò ń dí i lọ́wọ́, dúdú sì sábà máa ń jẹ́ ẹran tó ti kú. A ń fojú díwọ̀n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó: "ìdajì pupa, ìdajì ìyeyè" wúlò ju "ó mọ́" lọ.

Àmì kòkòrò àrùn ni ibi tí àkọsílẹ̀ ti ń ṣini lọ́nà jù. Ìwé ìṣègùn ń sọ pé kí a wo wíwú, ìgbóná, ìrora, ọyún, àti pípọ́n awọ ara tó fẹ̀ ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ yí egbò ká. Bí méjì nínú wọn bá wà, a kà á sí pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n lára adúláwọ̀, pípọ́n kì í sábà hàn ní pupa. Awọ ara lè kàn dúdú sí i, tàbí kó ní àwọ̀ àlùkò, kó sì máa dán. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló ń ranni lọ́wọ́ níbẹ̀: kí a fi kan ibẹ̀, kí a sì fi kan ibi kan náà lára ẹsẹ̀ kejì. Bákan náà, àtọ̀gbẹ máa ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀, nítorí náà "kò dùn ún" nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé kò séwu. Bí àwọ̀ náà bá fẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 2, tàbí ibà bá bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn yá ju àtẹ lọ.

Òpó ohun tí a fi dì í yóò ní méjì nínú: ohun tí a bọ́ kúrò àti ohun tí a fi sí i. Gọ́ọ̀sì tó rin gbingbin tàbí tó ń rùn sọ nǹkan kan, gọ́ọ̀sì tó gbẹ tó lẹ̀ mọ́ ẹran sọ òmíràn.

Nígbà tí a bá ń kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ sínú àtẹ, kí a má ṣe fi ìrántí dí àlàfo. "Kò sí" túmọ̀ sí pé ẹnì kan wò ó, kò rí i. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti wò ó ni a ń kọ "a kò wò ó" sí. Ìyàtọ̀ méjèèjì lè gba ẹsẹ̀ là.

Àpẹẹrẹ kan nìyí, egbò àtẹ́lẹsẹ̀ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti di àtẹ:

| Ọjọ́ | Ìwọ̀n (sẹ̀ǹtímítà) | Ìrísí | Àmì kòkòrò àrùn | Ohun tí a fi dì í |
|---|---|---|---|---|
| 3/3 | 4.0 × 3.0, jíjìn 0.5 | ìdajì ìyeyè | kò sí | gọ́ọ̀sì olómi iyọ̀ |
| 10/3 | 4.2 × 3.2, jíjìn 0.6 | pupa púpọ̀. Dókítà gé ẹran òkú 8/3 | kò sí | bákan náà |
| 17/3 | 3.8 × 2.8, jíjìn 0.5 | pupa | a kò wò ó | bákan náà |
| 24/3 | 3.8 × 3.0, jíjìn 0.5 | ìyeyè padà | ọyún, ìgbóná, awọ dúdú fẹ̀ tó 1 | dókítà yí i padà, ó fún un ní oògùn |
| 31/3 | 3.2 × 2.4, jíjìn 0.3 | pupa | kò sí mọ́ | bí dókítà ṣe pàṣẹ |

Ẹni tó bá wo ìwọ̀n nìkan yóò rò pé egbò náà bàjẹ́ láàárín 3/3 sí 10/3. Òpó ìrísí ló sọ òótọ́: wọ́n gé ẹran òkú, ojú egbò gidi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn ni. Ìlà 17/3 ló burú jù. Bóyá ìgbóná ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè sọ.

Ìbéèrè tó kù ni bóyá egbò yìí ń yá bó ṣe yẹ. Bí a bá sọ gígùn di ìlọ́po ìbú, 3/3 jẹ́ 12, 10/3 jẹ́ 13.4, 31/3 sì jẹ́ 7.7. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta ó lé díẹ̀. Bí a bá kà á láti ìgbà tí wọ́n gé ẹran òkú, kò tíì dín tó ìdajì náà. Àwọn oníṣègùn mọ̀ pé egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tí kò bá dín tó ìdajì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kì í sábà jinná láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá lórí ìtọ́jú kan náà. Kòkòrò tó wọ egbò yìí lè jẹ́ ìdí kan, àtẹ náà kò sì lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni dókítà yóò wá béèrè: bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ náà, àti bóyá aláìsàn ṣì ń fi ibi tí egbò wà tẹlẹ̀.