Ẹ Wo Ògiri Kí Ẹ Tó San Owó Ilé l'Ékòó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ilé l'Ékòó, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ gbígbẹ tàn yín jẹ o. Oṣù kẹfà lòjò máa ń pọ̀ jù níbí. Ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù kẹjọ, á sì tún padà lóṣù kẹsàn-án. Ẹni tó wo ilé láàárín oṣù kẹjọ lè rò pé òjò ti tán.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri: ibi tí ìlà ẹrẹ̀ bá dé, ibẹ̀ lomi dé. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé náà lọ́dà, ẹ wo fẹ́ǹsì aládùúgbò. Tẹ́ ẹ bá rí i pé gbogbo wọn ló mọ bulọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà, omi ń wọlé níbẹ̀ nìyẹn.