Bẹ́líìtì Pírińtà: Bí Ó Ṣe Yẹ Kó Le Tó, àti Àmì Tó Ń Fi Hàn Pé Ó Ti Le Jù

Nínú pírińtà tó ń yọ́ ike láti fi mọ nǹkan ní ìpele-ìpele, bẹ́líìtì ni mọ́tò fi ń fa orí ẹ̀rọ náà lọ fà á bọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára wọn ni GT2. Rọ́bà ni, okùn gíláàsì wà nínú rẹ̀ kó má baà nà, mìlímítà 2 ló wà láàárín eyín kan àti èkejì, ìbú rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 6. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni lílé tí a ń le bẹ́líìtì ń ṣe: kí eyín rẹ̀ lè wọ eyín púlì dáadáa nígbà tí orí ẹ̀rọ bá yí padà lójijì. Bí ó bá ti le tó ìyẹn, ó ti tó. Agbára tí a bá fi kún un lẹ́yìn náà kò mú iṣẹ́ dára sí i; ọ̀pá mọ́tò àti bẹ́árìn inú púlì ni yóò máa ru ú.

Nínú pírińtà tí pèpéle rẹ̀ ń rìn, bẹ́líìtì kan ń fa orí ẹ̀rọ lọ sọ́tùn-ún sósì, èkejì ń fa pèpéle síwájú sẹ́yìn, kálukú sì ń ṣe tirẹ̀. CoreXY yàtọ̀. Ilan Moyer ló gbé ètò yìí jáde ní ọdún 2012, nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Mọ́tò méjèèjì dúró gbọn-in lára fírémù, bẹ́líìtì gígùn méjì sì jọ so mọ́ orí ẹ̀rọ kan náà. Bí mọ́tò méjèèjì bá yí sí ọ̀nà kan náà, orí ẹ̀rọ á lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá yí lódì síra, á lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí líle bẹ́líìtì méjèèjì fi gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá le ju èkejì lọ, yóò fa ọ̀pá ìdábùú tí orí ẹ̀rọ ń rìn lórí rẹ̀ wọ́, ohun tó yẹ kó ní igun gígún á sì jáde ní dídagun.

Ọwọ́ nìkan kò tó láti fi mọ bí bẹ́líìtì ṣe le tó, nítorí èyí tó gùn máa ń rọ̀ lọ́wọ́ ju èyí tó kúrú lọ, bí wọ́n tilẹ̀ le bákan náà. Ohùn rẹ̀ ló ń sọ òótọ́. Bí ohùn gángan ṣe ń ròkè nígbà tí onílù bá fún ọsán rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohùn bẹ́líìtì ń ròkè bó ṣe ń le sí i. Nínú pírińtà Voron, tí ó jẹ́ CoreXY tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fọwọ́ ara wọn tò, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ni 110 Hz fún bẹ́líìtì oníbùú mìlímítà 6, níbi tí mìlímítà 150 bá ti wà láàárín ibi méjì tó dì í mú. Ohùn okùn karùn-ún gìtá gan-an nìyẹn. Agbára tó wà nínú bẹ́líìtì nígbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo kílógíráàmù 1.

Láti wọ̀n ọ́n, a ó pa ẹ̀rọ, a ó rọra ti orí ẹ̀rọ títí tí apá tí a fẹ́ wọ̀n yóò fi gùn ní mìlímítà 150, a ó gbé fóònù tó ní áàpù ìwọ̀n ohùn sún mọ́ ọn, a ó sì fi ìka ta bẹ́líìtì náà ní àárín. Nọ́ńbà tí a kò bá so mọ́ gígùn kò já mọ́ nǹkan kan, nítorí bí a bá dín gígùn náà kù sí ìdajì, ohùn á di ìlọ́po méjì láìjẹ́ pé bẹ́líìtì le sí i rárá. Nígbà mìíràn fóònù lè gbé 220 Hz jáde dípò 110 Hz, torí pé ó gbọ́ ohùn kejì tó ń bá ti àkọ́kọ́ rìn. A ó ta á lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó gba nọ́ńbà kankan gbọ́.

Ká sọ pé bẹ́líìtì àkọ́kọ́ ń fún wa ní 150 Hz, tí èkejì ń fún wa ní 110 Hz. Ìyàtọ̀ wọn kò jọ ohun tó pọ̀, ṣùgbọ́n bí ohùn bá di ìlọ́po méjì, agbára ti di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, àkọ́kọ́ yìí ń fà ní nǹkan bí ìlọ́po 1.9 èkejì. Ọ̀nà àtúnṣe ni kí a dẹ síkúrù àkọ́kọ́ ní ìdá mẹ́rin yíyí kan, kí a ti orí ẹ̀rọ dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí bẹ́líìtì lè jókòó, kí a wá wọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i. Méjèèjì la gbọ́dọ̀ wọ̀n, nítorí ọ̀pá ìdábùú ti so wọ́n pọ̀: bí ọ̀kan bá dẹ̀, èkejì náà á yí díẹ̀. A ó máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi sún mọ́ra.

Àmì àkọ́kọ́ pé bẹ́líìtì ti le jù wà ní ọwọ́. Bí a bá ti orí ẹ̀rọ nígbà tí iná kò sí, yóò wúwo, a ó sì máa rí i bíi pé ó ń kọsẹ̀. Nínú CoreXY, bí a bá tì í lọ ní ìdagun, láti igun kan sí èyí tó kọjú sí i, mọ́tò kan ṣoṣo ló ń yí. Bí ìdagun kan bá wúwo ju ìkejì lọ, a ti mọ ẹ̀gbẹ́ tí a ó yẹ̀ wò. Bí a bá dẹ bẹ́líìtì tí ìwúwo náà kò sì lọ, réèlì ni kí a yẹ̀ wò.

Àmì kejì wà ní ara ohun tí a tẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró ṣánṣán á hàn lára ògiri rẹ̀, pẹ̀lú mìlímítà 2 láàárín wọn, èyí tó bá àlàfo eyín bẹ́líìtì mu. Bí a bá dẹ bẹ́líìtì tí ìlà náà rọlẹ̀, líle àpọ̀jù ló fà á. Bí kò bá rọlẹ̀, ó lè jẹ́ pé ojú eyín bẹ́líìtì ń gba orí púlì tí kò ní eyín kọjá.

Àmì kẹta wà lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Apá méjèèjì bẹ́líìtì tó yí púlì mọ́tò ká jọ ń fa ọ̀pá mọ́tò, nítorí náà ní 110 Hz ọ̀pá náà ń ru nǹkan bíi kílógíráàmù 1.9. Ọ̀pọ̀ mọ́tò irú èyí ni wọ́n ṣe láti ru nǹkan bíi kílógíráàmù 2.8 láti ẹ̀gbẹ́. Ní 156 Hz, ẹrù náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 3.7. Bẹ́árìn á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ọ̀pá púlì á dagun, bẹ́líìtì á máa fi etí ha ẹ̀gbẹ́ púlì, eruku dúdú á sì máa dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí ike ló gbé púlì ró, yóò tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbígbóná mọ́tò nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí iná tí wọ́n ń fún mọ́tò ló sábà máa ń mú un gbóná.

Kí ìpele kan yẹ̀ kúrò lórí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa ń da ènìyàn láàmú, nítorí bẹ́líìtì tó dẹ̀ náà lè fà á. Èyí tó dẹ̀ máa ń fo eyín lórí púlì, ihò róbótó á sì máa jáde ní gbọ̀ọ̀rọ̀. Nígbà tó bá le jù, mọ́tò ló ń kùnà, pàápàá nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sáré, ó sì sábà máa ń wúwo lọ́wọ́ bí a bá tì í.

Ní ti pírińtà tí pèpéle rẹ̀ ń rìn, a kò ní láti mú bẹ́líìtì méjèèjì dọ́gba. Gígùn wọn yàtọ̀, ẹrù tí wọ́n ń fà náà sì yàtọ̀, torí náà ìwọ̀n tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí a tẹ̀ lé. Bí kò bá fún wa ní ìwọ̀n, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dẹ̀, kí a máa fà á díẹ̀díẹ̀ títí tí ihò róbótó yóò fi jáde ní róbótó, kí a sì dúró níbẹ̀.